Kí Àlùmọ́gàjí Tó Kan Aṣọ Òkè

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn, pè mí lórí fóònù ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò jẹ́ kí n kí òun tán tí ó fi sọ pé: "Ìwọ tí o kàwé Yorùbá, máa bọ̀ lọ́la kí o wá bá mi kọ lẹ́tà kan. Bí mo bá kọ ọ́ fúnra mi, ìjà ni yóò dà."

Oníbàárà tí a fẹ́ kọ̀wé sí jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, òun ni ìyá ìyàwó, ó sì ti gba aṣọ òkè aláwọ̀ aró tí wọ́n fi òwú dídán funfun là láti Ìsẹ́yìn. Kì í ṣe ìró àti bùbá ni ó fẹ́ fi rán. Ọmọ rẹ̀ tí ń gbé ní Èkó ti ya fọ́tò ìyá rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ya fọ́tò aṣọ náà pẹ̀lú, ó sì kó méjèèjì fún ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá kan lórí fóònù rẹ̀ pé kí ó fi aṣọ náà wọ ìyá òun. Kí ó tó di ìṣẹ́jú kan, àwòrán ti jáde: Màmá dúró nínú búláòsì àti sìkẹ́ẹ̀tì aṣọ òkè, apá aṣọ rogodo ní èjìká, etí aṣọ sì tẹ́ sílẹ̀ yí ẹsẹ̀ ká bí omi. Màmá na fóònù sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní: "Èyí gan-an ni mo fẹ́. Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò, ẹ má sì fi nǹkan kan kún un."

Ohun tí ó ń ba ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rù kì í ṣe àlá. Ní ọdún tó kọjá, ẹnìkan mú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wá fún aṣọ léèsì. Nígbà tí aṣọ parí, ó wò ó, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní èyí kọ́ ni òun sọ, ó sì fi ìdajì owó tí ó kù sílẹ̀ láìsan. Aṣọ náà ṣì wà lórí ìgbékọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù títí di òní. Ti aṣọ òkè tún le ju ti léèsì lọ, nítorí bí a bá ti gé e, òwú etí rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ohun tí a sì gé kò ṣeé so padà. Nítorí náà, lẹ́tà ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọwọ́ Màmá, kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ.

Kí n tó dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ìlà kan sílẹ̀. Ohun tí ó kọ ni pé: "Màmá, ẹ sanra ju ẹni tí ó wà nínú àwòrán yìí lọ." Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní ìwé náà, mo ká a mẹ́rin, mo sì fi í sínú àpò mi.

A kọ́kọ́ jókòó ti àwòrán náà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ ti ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ó ń ṣe. Wọ́n ti fi àìmọye fọ́tò kọ́ ọ, títí ó fi mọ bí aṣọ ṣe máa ń rí lára ènìyàn nínú fọ́tò. Kò kọ́ bí a ṣe ń gé aṣọ, kò sì kọ́ bí a ṣe ń rán an. Nígbà tí ọmọ yìí gbé iṣẹ́ fún un, àwọ̀ ni ó ń kùn sí ibi tí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Ibi tí kò bá sì mọ̀, kì í fi í sílẹ̀ lófìfo; ohun tí ó bá jọ ọ́ ni yóò fi dí i. Ìdí nìyí tí àwòrán fi máa ń dán mọ́rán láìní ojú rírán kan ṣoṣo. Télọ̀ tí kò ní abẹ́rẹ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀, èmi ń tò ó. Ó gbà mí láàyè kí n tẹ lẹ́tà náà síbí, bí mo ti yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀.

"Màmá wa ọ̀wọ́n,

"Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ẹ kú ìnáwó tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ṣe é ní àṣeyọrí. Mo ti tú aṣọ òkè yín kalẹ̀, mo ti wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì jẹ́ yáàdì 30. N kò tíì gé e. Mo fẹ́ kí ẹ ka lẹ́tà yìí tán, kí ẹ sì fún mi ní èsì, kí n tó bẹ̀rẹ̀.

"Àwòrán tí ọmọ wa ṣe dára, ó sì ràn mí lọ́wọ́, nítorí mo ti ti ara rẹ̀ mọ ohun tí ọkàn yín fẹ́: búláòsì tí ó gbá mọ́ra, ọrùn aṣọ tí ó ṣí díẹ̀, apá tí ó tóbi lókè, àti sìkẹ́ẹ̀tì gígùn tí ó fẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Gbogbo ìyẹn ni n ó tọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ya àwòrán náà kò fọwọ́ kan aṣọ yín rí. Àwọn ibì kan wà tí ohun tí ó yà kò lè jáde lára aṣọ tí ó wà níwájú mi yìí, mo sì fẹ́ kí a jọ mọ̀ wọ́n nísinsìnyí.

"Àkọ́kọ́ ni ti àwọn awẹ́ aṣọ. Ẹ mọ̀ pé aṣọ òkè kì í jáde lára òfì ní fífẹ̀ bí àǹkárá. Tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni ó ń jáde, a ó sì to awẹ́ ti awẹ́, a ó rán wọn pọ̀ kí ó tó di aṣọ. Awẹ́ tiyín fẹ̀ ní íńṣì 4. Ojú rírán yóò jẹ díẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò ku íńṣì mẹ́ta àti ààbọ̀ tí ojú yóò rí. Nígbà tí mo wọ̀n yín, ìdí yín jẹ́ íńṣì 48. Mo fi 2 kún un kí ẹ lè jókòó kí ẹ sì dìde pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ó di 50. Bí a bá pín 50 sí mẹ́ta àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀ ní 14. Awẹ́ 15 ni yóò yí yín ká nìyẹn, nǹkan bí 7 nínú rẹ̀ ni yóò sì hàn níwájú.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí àwòrán náà, kí ẹ fi ìka ka awẹ́ tí ó wà níwájú sìkẹ́ẹ̀tì. 4 péré ni ẹ ó bá níbẹ̀. Bí a bá rán awẹ́ 4 síwájú àti 4 sẹ́yìn, aṣọ náà yóò jẹ́ íńṣì 28 yíká, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni irú rẹ̀ yóò bá mu. Ẹ̀rọ náà ti fẹ awẹ́ lójú kọjá bí òfì ti hun ún. Nítorí náà, ìlà dídán tí ẹ ó rí lára aṣọ yín gan-an yóò pọ̀ ju ti àwòrán lọ, yóò sì súnmọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú rírán láàárín awẹ́ àti awẹ́ yóò hàn pẹ̀lú bí ẹ bá súnmọ́ ọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹwà aṣọ òkè wà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá wá gba aṣọ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí i."

Mo dá ẹ̀gbọ́n mi dúró níbí díẹ̀. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà "awẹ́". Ó ní obì ni ó ní awẹ́. Mo ní bí ó bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ kí ó mú un wá. Ó rò ó títí, ó ní kí n máa kọ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ kíka awẹ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà náà, nítorí Màmá lè fi ìka ara rẹ̀ dán an wò láìgbà wá gbọ́. Ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ fún ọdún gbọọrọ, ìṣirò ni ó máa ń gbà, kì í gba "ẹ fọkàn tán wa".

Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ìkejì ni bí aṣọ ṣe ń dà sílẹ̀. Nínú àwòrán, àwọn ìlà náà tẹ̀ yí ìbàdí ká, etí aṣọ sì ṣẹ́ léra wọn lórí ilẹ̀ bí sílíìkì. Aṣọ òkè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wúwo, ó sì le, n ó tún tẹ́ láínìn sí i nínú kí ó má baà máa họ yín lára. Ìlà rẹ̀ yóò lọ tààrà láti ìbàdí sí orúnkún. Nísàlẹ̀ orúnkún níbi tí ó ti fẹ̀, n ó gé awẹ́ sí onígun mẹ́ta kí n tó fi í kún un, àwọn ìlà ibẹ̀ yóò sì dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Etí rẹ̀ yóò dúró fúnra rẹ̀ yí ẹsẹ̀ ká, kò ní dà sílẹ̀. N ó sì jẹ́ kí ó ga kúrò nílẹ̀ ní íńṣì kan, nítorí ẹ ó jó.

"Àwòrán náà kò sì fi ẹ̀yìn hàn wá. Aṣọ tí ó gbá mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹ ó gbà wọ̀ ọ́. N ó fi síìpù sí ẹ̀yìn búláòsì àti sí ẹ̀yìn sìkẹ́ẹ̀tì, yóò sì bọ́ sí ojú rírán láàárín awẹ́ méjì kí ó má baà hàn púpọ̀.

"Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ apá aṣọ, èyí sì ni ó nílò ìpinnu yín. Sìkẹ́ẹ̀tì nìkan yóò gba bí yáàdì 19 nínú awẹ́ yìí, búláòsì láìsí apá yóò gba bí 10. Ohun tí yóò kù lọ́wọ́ mi kò ju yáàdì 1 lọ. Apá rogodo méjèèjì, bí wọ́n ti tóbi nínú àwòrán, yóò gba yáàdì 7. N kò tilẹ̀ tíì ka onígun mẹ́ta ti ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Òun ni yóò jẹ èyí tí ó kù yẹn. Ẹ̀rọ náà kò wọn ohun tí ó wà nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí apá kò fi wọ́n ọn.

"Ọ̀nà méjì ni mo rí. A lè fi léèsì aláwọ̀ aró ṣe apá náà, kí n fi sitéè líle sí i nínú kí ó lè dúró rogodo bí ẹ ti fẹ́. Tàbí kí ẹ ránṣẹ́ sí ahunṣọ yín kí ó hun yáàdì 7 sí i. Bí ó bá jẹ́ èyí, ẹ bi í bóyá òwú tí ó ṣẹ́kù nínú ti àkọ́kọ́ ni yóò lò. Bí wọ́n bá tún òwú mìíràn pa láró, àwọ̀ rẹ̀ lè jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ tàbí kí ó mọ́ jù ú lọ, ìyàtọ̀ náà yóò sì hàn ní èjìká, níbi tí gbogbo ènìyàn ń wò."

Ibi tí ó kàn ni a ti lo wákàtí kan gbáko. Nígbà tí a gbé fọ́tò pálọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, ó hàn kedere pé ẹ̀rọ náà kò fi ara Màmá sílẹ̀ bí ó ti bá a. Ìbàdí ti wọlé sínú, ọrùn ti gùn sí i, apá ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ènìyàn kò ní tètè mọ̀, nítorí ojú náà ṣì jẹ́ ojú Màmá, ẹ̀rín rẹ̀ sì ni ẹ̀rín náà. Àfi bí ẹ bá fi àga ìgbọ́wọ́lé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú fọ́tò méjèèjì ṣe òṣùwọ̀n. Nínú fọ́tò pálọ̀, ìbàdí rẹ̀ bo gbogbo ẹ̀yìn àga náà. Nínú àwòrán, ẹ̀yìn àga ń yọ ní ọ̀tún àti ní òsì.

Báwo ni aránṣọ yóò ṣe sọ èyí fún ìyá tí ó tó bí i? Bí a bá dákẹ́, Màmá yóò wọ aṣọ tí ó bá ara rẹ̀ mu rẹ́gí, yóò sì rò pé aránṣọ ni ó ba ìbàdí òun jẹ́. Bí a bá sì sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ tí mo pa á rẹ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, mo yí ẹ̀bi náà kúrò lórí ara ènìyàn, mo gbé e lé ẹ̀rọ lórí, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀bi ọ̀hún wà ní tòótọ́:

"Màmá, ohun kan tún wà. Ẹ̀rọ náà kò ya yín bí ẹ ti rí. Bí ẹ bá wo àga ìgbọ́wọ́lé tí ó wà lẹ́yìn yín nínú fọ́tò méjèèjì, ẹ ó rí i pé ó ti dín yín kù. Àṣà rẹ̀ nìyẹn, ó ń ṣe é fún tọmọdé tàgbà, kódà fún àwọn tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀. Èmi kò lè rán aṣọ fún ẹni tí ẹ̀rọ dá sílẹ̀. Ẹ̀yin ni ìyá ìyàwó, ìwọ̀n tí mo fi tépù wọ̀n lára yín ni n ó sì gé aṣọ sí. Kí ìbàdí lè yọ dáadáa bí ẹ ti rí i nínú àwòrán, n ó gbé ojú ibi tí búláòsì ti fún sókè díẹ̀, sí ibi tí ara yín ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, n ó sì jẹ́ kí etí búláòsì fẹ̀ jáde lórí ìdí. Ibi tí yóò fún kò ní jẹ́ ibi kan náà pẹ̀lú ti àwòrán, ṣùgbọ́n yóò yẹ yín.

"Ní ti àwọ̀, ojú fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀, aṣọ kì í tan ti ara rẹ̀. Òwú dídán tí ó ń kọ mànà nínú àwòrán yóò rọra dán ní ojúmọ́, yóò sì tàn dáadáa lábẹ́ iná gbọ̀ngàn. Mo ti fa òwú díẹ̀ láti etí aṣọ yín, mo fi í sínú àpòòwé yìí. Ẹ gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sán, kí ẹ wò ó níbẹ̀. Àwọ̀ tí ẹ bá rí lára rẹ̀ ni àwọ̀ aṣọ yín.

"N ó kọ́kọ́ fi aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú rán gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá wọ̀ ọ́ wò ní Sátidé. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ yí padà nípa ọrùn, gígùn tàbí fífún, ọjọ́ náà ni kí ẹ sọ ọ́, kò ní gba owó kankan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni n ó gé aṣọ òkè. Bí mo bá ti gé e tán, mo lè fún un sí i tàbí kí n tú u sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní lè yí ìrísí rẹ̀ padà mọ́.

"Mo ń retí èsì yín lórí apá aṣọ.

"Èmi ni, aránṣọ yín."

A fi lẹ́tà náà rán ọmọ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé kọjá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, fóònù kò dún. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni pé èmi ni mo lé oníbàárà lọ.

Ní ọjọ́rú, Màmá fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ó ní òun ti ka awẹ́ náà, 4 ni lóòótọ́, òun sì ti lọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú òwú. Ó ní ahunṣọ sọ pé òwú àkọ́kọ́ ti tán, nítorí náà kí a fi léèsì ṣe apá. Kò sọ ohunkóhun nípa ìbàdí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ìbínú nínú rẹ̀, kò rí i.

Ní Sátidé, Màmá dé pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ lójú. Ó wọ aṣọ funfun náà, ó yí síwájú díńgí, ó yí sẹ́yìn, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ìdajì íńṣì kún ibi ìgbọ̀nwọ́, kí ọrùn aṣọ sì gòkè díẹ̀. Ó wá jókòó, ó ní òun fẹ́ rí aṣọ òkè náà. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ awẹ́ 15 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, láìtíì rán wọn, Màmá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń ka orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì. Nígbà tí ó kà á tán, ó bọ́ gíláàsì, ó kọjú sí mi, ó sì béèrè bóyá èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó ní, "Ọmọ mi ti tún ya gèlè ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí. Ó ga tó àjà ilé. Òun náà ni kí o wá kọ lẹ́tà sí."